Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ lẹ́tà sí másọ̀n lórí iṣẹ́ tí ò dáa, ní ìlà-ìlà, kó má baà rí nǹkan jiyàn sí

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ onílé ń kọ sí másọ̀n kì í ju ìlà mẹ́rin lọ. "Ọ̀gá, iṣẹ́ yín ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, ilẹ̀ ti ń ṣí, ògiri ti sán, ẹ wá tún un ṣe kíákíá." Másọ̀n á gbọ́, á rán ọmọṣẹ́ kan wá pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀ nínú korobá, ọmọ yẹn á fi dí ibi tó kọ́kọ́ rí, á lọ. Tẹ́ ẹ bá pe ọ̀gá rẹ̀, ó máa ní "ṣebí mo ti rán èèyàn wá, wọ́n ti ṣe é", kò sì purọ́ o, torí lẹ́tà yẹn ò sọ ògiri wo, ò sọ ilẹ̀ yàrá wo, ò sọ bó ṣe yẹ kó rí tí wọ́n bá ṣe é tán. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa pàdánù ìjà náà torí kò sí ohun tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí.

Lẹ́tà tó dáa máa ń sọ ohun mẹ́ta lórí àléébù kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà gan-an, ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì wọ̀n, àti bó ṣe gbọ́dọ̀ rí lẹ́yìn àtúnṣe. Ó tán. Ohun tó ń fà á tó fi bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún másọ̀n, mo máa sọ ìdí ẹ̀ níwájú. Ilé oníyàrá méjì àti sálọ̀ kan ní Wàndó níbí l'Ájàṣẹ́ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká gbà pé másọ̀n ti ní òun parí, owó tó kù lọ́wọ́ onílé jẹ́ 400.000 sẹ́fà. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ, bákan náà ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Àkọ́kọ́ ni dẹfí, ìwé tí másọ̀n kọ iṣẹ́ àti iye owó ẹ̀ sí, pẹ̀lú àdéhùn tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí tó bá wà, àti gbogbo ìwé tó fi gba owó. Tó bá jẹ́ orí wátsápù lẹ ti ṣàdéhùn, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù níbi tẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kí ọjọ́ ẹ̀ hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́tà onírìn tí wọ́n fi ń wọn nǹkan (ti mẹ́tà 5 tó), nífò tó gùn tó mẹ́tà 1, korobá omi kan, ẹyọ owó 100 sẹ́fà, káàdì báńkì kan, ẹfun ìkọ̀wé, pẹ́ńsù, tọ́ọ̀ṣì, ìwé àjákọ, àti fóònù tó ń ya fọ́tò. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa máa kọ̀wé nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n.

Ẹ má mú másọ̀n dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá wà níbẹ̀, á máa ṣàlàyé, ẹ̀yin náà á máa tẹ̀ lé ẹnu ẹ̀, ẹ ò sì ní ráyè wo ibi tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ọjọ́ tiẹ̀ ń bọ̀.

Ìpele 1: Ẹ rìn yíká ilé, kẹ́ ẹ sì sọ ibi kọ̀ọ̀kan lórúkọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ẹ máa gba ọwọ́ ọ̀tún lọ, yàrá kan lẹ́yìn òmíì, ẹ má fò. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ wo òkè, lẹ́yìn náà ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn àti fèrèsé, lẹ́yìn náà ilẹ̀, ẹ wá fi omi àti iná kádìí ẹ̀. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ògiri kẹ́ ẹ tan iná ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ibi tó wú, ibi tó jìn sínú, gbogbo ẹ̀ máa yọ òjìji síta, iná tẹ́ ẹ bá tàn sí ògiri tààrà ò ní fi nǹkan kan hàn yín.

Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣìṣe ni orúkọ ògiri. Ẹ má kọ "ògiri apá ọ̀tún". Ọ̀tún ta ni? Ẹni tó bá ti inú ilé wo ó àti ẹni tó ti ìta wo ó, ọ̀tún wọn ò dọ́gba. Ẹ kọ "ògiri tó kọjú sí títì", "ògiri tó wà láàárín yàrá 1 àti ilé ìwẹ̀". Ẹ ya ilé náà sórí bébà, kò pọn dandan kó rẹwà, ẹ kọ lẹ́tà sí yàrá kọ̀ọ̀kan: S fún sálọ̀, Y1 àti Y2 fún yàrá, W fún ilé ìwẹ̀, D fún ilé ìdáná, I fún ìta. Àléébù kọ̀ọ̀kan á wá ní nọ́ńbà: S1, S2, W1. Nọ́ńbà yìí ò gbọdọ̀ yí padà láé o. Tí wọ́n bá tún S1 ṣe tán, S2 ṣì ń jẹ́ S2, ẹ má ṣe tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ àti lẹ́tà kejì á máa bára wọn jà, fọ́tò yín náà á sì dojú rú.

Fọ́tò méjì fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti ọ̀ọ́kán kí yàrá hàn, ọ̀kan láti itòsí pẹ̀lú mẹ́tà tẹ́ ẹ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí bébà kékeré kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á. Ẹni tó bá ya fọ́tò itòsí nìkan, kò sí bó ṣe máa fi hàn pé ilé òun ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ìwé àjákọ yín fún ẹnì kan tí ò wọ ilé náà rí, ẹ ní kó ka ìlà kan, kó sì lọ fi ìka kan ibẹ̀. Tó bá dúró tó ń wá a, ẹ tún un kọ.

Ìpele 2: Ẹ dán ilẹ̀, omi àti ògiri wò

Ohun tí ojú rí lásán ò tó fún nǹkan mẹ́ta yìí, àwọn náà ló sì máa ń ná èèyàn lówó jù tó bá di ẹ̀yìn ọ̀la.

Kàró ilẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹyọ owó kan kàró kọ̀ọ̀kan, ní igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Èyí tí sìmẹ́ńtì kún abẹ́ ẹ̀ máa dún kíkí, èyí tí abẹ́ ẹ̀ ṣófo máa dún bí agbè òfìfo, etí yín máa mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó kan mẹ́wàá. Ẹ fi ẹfun sàmì X sí gbogbo èyí tó ṣófo, kẹ́ ẹ tó wá kà wọ́n. Nínú sálọ̀ wa yìí, kàró 40 × 40 ni, 10 ní ìbú, 12 ní gígùn, ó jẹ́ 120, mẹ́tàdínlógún (17) ló ṣófo, 9 nínú wọn wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kọjá jù. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: mélòó nínú mélòó, àti ibi tí wọ́n wà. Èrò tèmi ni pé kàró kan tó ṣófo ní igun kan ṣoṣo, lábẹ́ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ àmọ́ ẹ má fi í dá ìjà sílẹ̀, torí tí wọ́n bá fọ́ ọ wọ́n lè fọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́ ọn. Ti ẹnu ọ̀nà, àti èyí tó ṣófo láti igun dé igun, ẹ má gbà á, wọ́n máa fọ́ ni. Tí kàró ò bá tíì pẹ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, ẹ ní sùúrù kí sìmẹ́ńtì gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kàn án.

Ilé ìwẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra ṣẹ́ lọ sí ihò omi, ó kéré tán sẹ̀ńtí 1 nínú mẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó bá dé sẹ̀ńtí 2 ó tún dáa sí i. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ihò omi nínú ilé wa yìí jẹ́ mẹ́tà 1,60, ihò gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ńtí kan àbọ̀ àti díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ gbé nífò lélẹ̀ kó kọjú sí ihò, ẹ gbé ìpẹ́kun ẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ sókè títí omi inú ẹ̀ á fi dọ́gba, ẹ wá wọn àlàfo tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tí nífò ọ̀hún bá gùn ní mẹ́tà 1, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá wọ̀n yẹn ni bí ilẹ̀ ṣe ṣẹ́ tó nínú mẹ́tà kan. Tó bá jẹ́ pé ìpẹ́kun tó wà lápá ẹnu ilẹ̀kùn lẹ ní láti gbé sókè, á jẹ́ pé sẹ́yìn ni ilẹ̀ yẹn ń ṣẹ́, omi máa wọ yàrá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da korobá omi kan sílẹ̀, kì í ṣe sórí ihò o, ẹ dà á sí igun tó jìnnà sí ihò jù. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí, ẹ fi ẹfun yí i ká, ẹ ki ìpẹ́kun mẹ́tà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe jìn tó, ẹ ya fọ́tò. Fíìmù téèyàn bá fi fóònù ká ló tún dáa jù fún eléyìí, torí omi tó ń ṣàn lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí másọ̀n tó lè jiyàn ẹ̀. Ní tiwa, omi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jìn tó mílímẹ́tà 8.

Sísán ògiri ni ìkẹta. Gbogbo ilé tuntun ló máa ń sán díẹ̀, torí náà ẹ má kọ "ògiri sán" lásán. Báwo ló ṣe gùn tó, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Èyí tó tín-ín-rín bí irun, tí kò tó mílímẹ́tà 0,2, ara ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló sábà máa ń wà, ó ń wá látinú kí ìrẹ́ gbẹ kíákíá nínú oòrùn, ojú lásán ló bàjẹ́. Láti 0,2 dé mílímẹ́tà 2, ó ti tó nǹkan. Tó bá ju 2 lọ, ọ̀ràn ni. Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lè lo káàdì báńkì: ó nípọn tó nǹkan bíi mílímẹ́tà 0,8, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá wọ inú ibi tó sán, ẹ kọ "káàdì báńkì wọ inú ẹ̀, ó lé ní 0,8". Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ìpẹ́kun ẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀. Tó bá kọjá àmì yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ń dàgbà nìyẹn. Ẹ wá lọ sí òdìkejì ògiri, ẹ wò ó bóyá ó hàn níbẹ̀ náà.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: èyí tó bá hàn lójú méjèèjì, tó ń gun àtẹ̀gùn tẹ̀ lé ojú ibi tí bíríkì ti pàdé, tàbí tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má fi í sínú àkójọ kéékèèké yìí. Ìpìlẹ̀ lè máa rì. Ẹ pe onímọ̀ ìkọ́lé tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ másọ̀n yín, kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú òfin ìlú tí à ń lò, ní àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 1792, ọdún 10 ni ẹni tó kọ́ ilé fi ń dáhùn fún ilé tó bá wó lódindi tàbí lápá kan nítorí àbùkù iṣẹ́, ó tiẹ̀ dárúkọ àbùkù ilẹ̀ tí ilé wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá kó irú ẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tó ń há, àwọn èèyàn á fojú ilẹ̀kùn tó ń há wò ó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* àléébù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín ti ní nọ́ńbà kan tàbí ìwọ̀n kan. Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi "púpọ̀", "gan-an", "burúkú" níbẹ̀, ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n.

Ìpele 3: Ẹ yọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi másọ̀n kúrò

Ẹ gbé dẹfí síwájú, ẹ mú àléébù kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín: ṣé a ti jọ sọ eléyìí? Oríṣi mẹ́ta ló máa kù: iṣẹ́ tí wọ́n ò ṣe rárá (a ní fèrèsé ilé ìdáná máa ní gíríì, kò sí gíríì), iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àmọ́ tí kò dáa, àti nǹkan tí wọ́n bà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ (ọ̀dà tó ta sára kàró, gíláàsì tó fọ́). Ẹ kọ oríṣi tó jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí "ẹ ò ṣe é" àti "ẹ ṣe é kò dáa" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà tó bá di ọ̀rọ̀ owó.

Ohun tó gbọ́dọ̀ jáde ni ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ báyìí. Àwọ̀ ọ̀dà tẹ́ ẹ fúnra yín mú tí kò wá wù yín mọ́, ihò iná kan sí i nínú yàrá tí kò sí nínú dẹfí, kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, àmọ́ ẹyọ kan péré irú ìyẹn nínú lẹ́tà ti tó fún másọ̀n láti sọ fún gbogbo ayé pé "onílé yìí kàn fẹ́ gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni", gbogbo W1 àti S1 yín á wá di ẹ̀sùn. Ohun tí ẹ̀yin tàbí èèyàn yín bà jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ń kó ẹrù wọlé náà, ẹ yọ ọ́. Ìdí nìyí tó fi dáa kẹ́ ẹ yẹ ilé wò kẹ́ ẹ tó kó wọ inú ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè fi ìka kan ìlà dẹfí tàbí ọ̀rọ̀ wátsápù kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ ní wọn ò ṣe.

Ìpele 4: Ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn ba ẹjọ́ wọn jẹ́. Ẹ wo ìlà yìí: "W1. Ẹ fi sìmẹ́ńtì burúkú ṣe ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, ẹ da sìmẹ́ńtì tuntun lé e lórí kó lè ṣẹ́." Ó jọ pé ó dáa, àmọ́ ó ti fi nǹkan méjì fún másọ̀n. Ó fẹ̀sùn kan sìmẹ́ńtì ẹ̀, másọ̀n á sì mú ìwé tó fi ra sìmẹ́ńtì tó dáa wá, ẹ̀sùn á wó. Ó tún sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Tí másọ̀n bá wá da sìmẹ́ńtì lé kàró lórí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tó sì ṣí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó máa ní "ohun tí onílé ní kí n ṣe ni mo ṣe". Ẹ̀yin lẹ wá ni àbùkù náà báyìí.

Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"W1. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ihò omi (mẹ́tà 1,60). A da korobá omi kan sílẹ̀ ní 7 Oṣù Kẹta 2026; lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, omi ṣì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jìn tó mílímẹ́tà 8. Fọ́tò W1a, W1b àti fíìmù W1. Iṣẹ́ tí kò dáa. Lẹ́yìn àtúnṣe: omi gbọ́dọ̀ lọ sínú ihò látinú gbogbo igun, ibì kankan ò gbọdọ̀ dá omi dúró, kàró gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà àti àwọ̀ kan náà."

Ẹ rí i? Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì burúkú, ohun tó gbọ́dọ̀ rí lẹ́yìn àtúnṣe ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó mọ iṣẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lórí irú kàró, ẹ má gbàgbé ẹ̀, torí kàró tó bá kù lọ́jà Wàndó lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa rà, ilẹ̀ yín á sì di aláwọ̀ méjì.

Nǹkan kan fún ìlà kan. Tí fèrèsé Y2 bá ń há tí ara ògiri abẹ́ ẹ̀ sì sán, Y2-1 àti Y2-2 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kó wọn pọ̀, wọ́n á tún fèrèsé ṣe, wọ́n á ní wọ́n ti ṣe ìlà yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ìlà náà sókè bíi pé ẹ̀yin ni másọ̀n, kẹ́ ẹ sì wá ibi tẹ́ ẹ máa jiyàn sí. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ti rí "torí pé", "ó dà bíi pé" tàbí "mo rò pé", ẹ pa á rẹ́.

Ìpele 5: Ẹ fi lẹ́tà yí àkójọ náà ká

Lẹ́tà fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, àkójọ á tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, àgbà ni másọ̀n yẹn, ẹ ṣì máa nílò kó padà wá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó ní orúkọ. "Kíákíá" kì í ṣe ọjọ́. Ẹ ya ohun tó kan omi sọ́tọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, pàápàá tó bá ti ń sún mọ́ Oṣù Kẹrin tí òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ ìgbà tí ilé máa ṣí sílẹ̀ fún wọn, kí másọ̀n má baà sọ pé òun wá òun bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àpẹẹrẹ rèé:

"Àjàṣẹ́, 9 Oṣù Kẹta 2026.
Sí Ọ̀gá (orúkọ), másọ̀n.
Ọ̀rọ̀ lórí: àtúnṣe iṣẹ́ ilé Wàndó, dẹfí ti 2 Oṣù Kẹfà 2025.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ fún mi ní 5 Oṣù Kẹta pé iṣẹ́ ti parí. Mo yẹ ilé wò ní 7 Oṣù Kẹta, mo sì rí ohun 14 tí kò tíì bá dẹfí mu. Àkójọ wọn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ojú ìwé 3, pẹ̀lú fọ́tò 28 àti fíìmù 1.

Mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe W1, W2 àti I1 tó kan omi tán kó tó di 16 Oṣù Kẹta 2026, kẹ́ ẹ sì ṣe àwọn yòókù tán kó tó di 30 Oṣù Kẹta 2026. Ilé máa ṣí láti Mọ́ńdè dé Sátidé, aago 8 òwúrọ̀ dé aago 5 ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pàdé nílé ní Ọjọ́bọ̀ 12 Oṣù Kẹta, aago 9 òwúrọ̀, ká jọ wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ ò bá gbà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Owó tó kù, 400.000 sẹ́fà, wà nílẹ̀. Bí àdéhùn wa ṣe sọ, màá san án nígbà tí a bá jọ fọwọ́ sí i pé àkójọ yìí ti tán.

Lẹ́tà yìí kò fagi lé ẹ̀tọ́ mi lórí àbùkù tó bá fara hàn lẹ́yìn òní."

Ìlà ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí tí ilé bá jò nígbà òjò, másọ̀n lè sọ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò ẹ ò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ owó náà, ẹ wo àdéhùn yín dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Tí àdéhùn bá ní ìgbà tí wọ́n bá parí lẹ máa san èyí tó kù, ẹ lè dá a dúró. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé owó iṣẹ́ òmíì tí wọ́n ti ṣe dáadáa lẹ dì mú, ẹ̀yin náà ti di ẹni tó ń jẹ gbèsè nìyẹn, másọ̀n á sì fi dá yín lóhùn. Ó sàn kẹ́ ẹ ṣírò iye tí àtúnṣe máa ná, kẹ́ ẹ fi iye yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ san ìyókù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* iye ìlà tẹ́ ẹ dárúkọ nínú lẹ́tà àti iye tó wà nínú àkójọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, fọ́tò sì gbọ́dọ̀ pé.

Ìpele 6: Ẹ fi lé e lọ́wọ́ kó sì hàn pé ó gbà á

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fún un ní ọ̀kan, kó fọwọ́ sí ìkejì, kó kọ "mo gbà á" àti ọjọ́, ohun tí gbogbo wa ń pè ní dẹṣáàjì nìyẹn. Tó bá ń bẹ̀rù pé tóun bá fọwọ́ sí i òun ti gba ẹ̀bi, ẹ sọ fún un pé gbígbà ló fọwọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀bi, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún fi í ránṣẹ́ lórí wátsápù, àmọ́ ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi dókúmà, torí tó bá lọ bíi fọ́tò lásán wátsápù á fún un, mílímẹ́tà tó wà lórí mẹ́tà yín ò sì ní ṣe é kà mọ́.

Tó bá kọ̀ láti gbà á, tàbí ọjọ́ kọjá tí kò wá, wísíyè ló kù. Òun ló máa gbé ìkìlọ̀ lọ fún un ní ìlànà òfin, òun náà ló máa wá sí ilé wá kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó gbọ́ Faransé dáadáa kọ lẹ́tà náà ní Faransé nígbà yẹn, èdè yẹn ni ilé ẹjọ́ wa ń lò. Tí másọ̀n yín ò bá sì gbọ́ Faransé, ẹ fi ti Yorùbá mọ́ ọn, kó má baà ní òun ò mọ ohun tí wọ́n kọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe pe másọ̀n míì kó wá fọ́ kàró yẹn kí wísíyè tó wá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé omi ń wọ yàrá, mo mọ̀ pé ó ń sú yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kàró yẹn bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ̀rí yín ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn, òfin sì fẹ́ kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ ilé ẹjọ́, kẹ́ ẹ tó lè ní kó san owó ẹni kejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ tó ní ọjọ́ àti ìfọwọ́sí rẹ̀, tàbí ìwé wísíyè.

Ìpele 7: Nígbà tí wọ́n bá ní wọ́n ti ṣe é

Ẹ gbé àkójọ kan náà, ẹ̀yin àti másọ̀n, ẹ tún ìdánwò kan náà ṣe. Korobá omi kan náà ni, igun kan náà, ìṣẹ́jú 30. Ẹyọ owó kan náà lórí kàró tí wọ́n tún lẹ̀ àti lórí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí òòlù tó fọ́ ọ̀kan lè ti mi ìkejì kúrò lórí sìmẹ́ńtì. Fún ibi tó sán, ẹ má wo ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn, ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn òjò méjì mẹ́ta, ìlà yẹn á ṣì wà ní ṣíṣí títí dìgbà yẹn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí másọ̀n sì mọ̀.

Ìdáhùn mẹ́ta péré ló wà fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: "ó tán", "kò tíì tán", "a ò fẹnu kò". Ẹ̀yin méjèèjì á fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Tí másọ̀n bá ní kẹ́ ẹ kàn kọ "gbogbo ẹ̀ ti tán" sísàlẹ̀ ìwé kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má gbà, nígbà tí mọ́kànlá bá tán nínú 14, ẹ kọ mọ́kànlá náà, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ tuntun fún mẹ́ta tó kù pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àtijọ́. Owó tẹ́ ẹ bá san lọ́jọ́ yẹn, kí ìwé tó fi gbà á dárúkọ nọ́ńbà tó tán àti iye tó ṣì kù lọ́wọ́ yín.